Ìgbà Wo Lẹ Máa Ṣí Padà?

Ẹni tó bá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní títì kì í kọ́kọ́ bèèrè ìdí tí wọ́n fi tì í. Ohun tó ń wá ni ọjọ́ àti aago tí òun lè padà wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé tí ọ̀pọ̀ onítajà ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn bí ọdún bá ń sún mọ́lé, ẹ ó rí i pé ìdí yẹn gan-an ló gba ojú ìwé tán:

"A fi àsìkò yìí kí gbogbo ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n kú ọdún, kú ìyèdún. Nítorí pọ̀pọ̀ṣìnṣìn Kérésìmesì, a ó wà lẹ́nu ìsinmi títí di ọjọ́ Ajé. Ọdún á yabo fún gbogbo wa o!"

Ìkíni wà níbẹ̀, àdúrà wà níbẹ̀, inú ẹni tó kà á á sì dùn. Ìṣòro ibẹ̀ ni "títí di ọjọ́ Ajé". Ìyá tó fẹ́ ra adìẹ gbà pé ọjọ́ Ajé ni wọn ó ṣí, ó sì wọ ọkọ̀ lọ. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù gbà pé ọjọ́ Ajé ṣì wà nínú ìsinmi òun, pé Ìṣẹ́gun lòun ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi nínú àwọn méjèèjì, torí pé bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ yẹn ni gbolóhùn náà gbà.

Ẹni tó bá sá fún "títí di", tó wá kọ ọ́ pé "a ó ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta", inú òmíràn ló kó sí. Àwọn àgbà wa máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye ọjọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, bí a bá fi kàlẹ́ńdà kà á, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná an. Ọjà ìsán jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ, ìtàdógún sì jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Ká ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lẹ ìwé ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn mọ́ ilẹ̀kùn. Bàbá àgbà á ka Ọjọ́bọ̀, Ẹtì àti Àbámẹ́ta, á sì dé ní ọjọ́ Àìkú. Ọmọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ ìkà tirẹ̀ láti Ẹtì, á sì dé ní ọjọ́ Ajé. Ìwé kan náà ni wọ́n kà.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ó ṣí i padà pẹ̀lú aago rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí oníbàárà ṣe ìṣirò kankan. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ hàn pọ̀, bíi "ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Kejìlá", nítorí pé ọ̀kan ló ń ṣọ́ èkejì. Onítajà tó bá ṣe àdàkọ ìwé tó lò ní 2025 fún ọdún 2026 á kọ "Ọjọ́bọ̀, 25 oṣù Kejìlá", torí pé Ọjọ́bọ̀ ni Kérésì bọ́ sí ní 2025. Ní 2026, ọjọ́ Ẹtì ni. Bí orúkọ ọjọ́ àti nọ́ńbà kò bá bára mu, ẹnìkan á kíyè sí i, á sì bèèrè. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan tàbí orúkọ ọjọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, àṣìṣe á kọjá láìsí ẹni tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan ń ta ẹja yìnyín àti adìẹ yìnyín ní àdúgbò kan n'Ìbàdàn: kòtè, títọ́ọ̀sì, pánlá, itan adìẹ àti ọ̀rọ̀n rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, aago méje àárọ̀ ló ń ṣí, aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń tì, lójoojúmọ́. Ó wá rí i pé epo jẹnẹrétọ̀ ń jẹ èrè òun, ọmọ ṣọ́ọ̀bù sì ń ráhùn pé ọ̀kadà ò rọrùn láti rí ní alẹ́, bí òun bá sì rí i, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà.

Kí ó tó yí àkókò padà, ó ní láti mọ wákàtí tí ọjà ń tà. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ti tó. Kí ó fa ìlà wákàtí kọ̀ọ̀kan sí i, kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa fa igi kan fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tó bá ra ọjà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló yẹ kí ó fi ṣe é, kí ìparí oṣù tí owó oṣù ń wọlé lè wà nínú rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ àsìkò ọdún, torí pé ọjà ọdún kò jọ ọjà ọjọ́ lásán. Ká ní ohun tó rí ni pé ẹni méjì péré ló ń wá láàárín aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀, pé èrò pọ̀ jù láàárín aago márùn-ún sí mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́, àti pé láti aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá alẹ́, èrè orí ọjà tó ń tà kò ju 1,200 náírà lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá ń mu lítà epo kan ní wákàtí kan, tí lítà kan sì jẹ́ 900 náírà, 300 náírà ló kù fún wákàtí náà, kò sì tíì yọ owó ọ̀kadà ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ Àìkú, igi inú ìwé kì í pọ̀ títí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á fi jáde, tó bá ti di aago kan ọ̀sán.

Ibi tí ó wá fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́ ni òun ó máa tà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago kan ọ̀sán sí méje alẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Òun fúnra rẹ̀ máa ń lọ kí Jímọ̀, nítorí náà ilẹ̀kùn á wà ní títì láti aago kan sí méjì àbọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ó ti ń tì í bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ síbì kankan rí, ọ̀pọ̀ ẹni tó sì wá ní Ẹtì ló rò pé ó ti kógbá wọlé ni.

Ó ku ohun kan tó jẹ mọ́ irú ọjà tirẹ̀. Aago mẹ́jọ tí ó kọ yẹn, ṣé ìgbà náà ni ilẹ̀kùn á tì ni, àbí ìgbà náà ni ó ń gba oníbàárà kẹ́yìn? Ẹni tó dé ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ní kí wọ́n gé odindi adìẹ mẹ́ta kéékèèké, á dá ọmọ ṣọ́ọ̀bù dúró di aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ ṣọ́ọ̀bù á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ní aago méje àbọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sàn kí ìkéde sọ ọ́ gbangba pé aago méje àbọ̀ ni wọ́n ń gba iṣẹ́ gígé kẹ́yìn, ẹni tó fẹ́ ra èyí tí a kò ní gé sì láàyè títí aago mẹ́jọ á fi lù.

Ọjọ́ tí àkókò tuntun máa bẹ̀rẹ̀ náà gba ìrònú. Mo ti rí onítajà tó yí àkókò padà ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì gan-an, tí àyípadà gbére àti ti ọdún wá lọ́ pọ̀ mọ́ra wọn, tí àwọn oníbàárà sì rò pé bí ọdún bá ti kọjá, nǹkan á padà sí bó ṣe wà. Ìyá ẹlẹ́ja yìí fi tirẹ̀ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kejìlá 2026, ó sì lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Tí ọdún bá fi máa dé, àkókò tuntun á ti mọ́ àwọn èèyàn lára.

Ní ti ọjọ́ ìsinmi, fírísà ló ń pàṣẹ fún un. Fírísà tó kún dẹ́múdẹ́mú, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú òtútù mọ́ra fún nǹkan bíi wákàtí 48 bí iná bá lọ; èyí tó kún dé ìdajì kò ju nǹkan bíi wákàtí 24 lọ. Lẹ́yìn ọdún, fírísà kì í kún, torí pé àwọn èèyàn ti ra ọjà tán. Nítorí náà, bí ó bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ méjì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa wá tan jẹnẹrétọ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Aláṣọ lè ti ṣọ́ọ̀bù láti Kérésì dé ọdún tuntun kó sì sùn fọnfọn; ẹlẹ́ja kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá pinnu pé ọjọ́ Ẹtì, 25 àti Àbámẹ́ta, 26 oṣù Kejìlá ni òun ó tì, àti ọjọ́ Ẹtì, 1 oṣù Kìíní 2027. Ọjọ́ méjì míì tún wà tí wọn kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní jọ ọjọ́ yòókù. Ní Ọjọ́bọ̀, 24, àwọn tó ń wá adìẹ á ṣì máa rọ́ wá di alẹ́, nítorí náà á tà di aago mẹ́wàá. Ní Ọjọ́bọ̀, 31, gbogbo ìlú ló ń múra ìsìn àìsùn ọdún tuntun, ọmọ ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú; aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni á tì. Àwọn ọjọ́ ẹ̀gbẹ́ ìsinmi báyìí ni ìkéde máa ń gbàgbé jù, àwọn gan-an ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀, torí pé kò sí ẹni tó rò pé ilẹ̀kùn á tì ní aago mẹ́fà lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọlidé.

Bí ìwé náà ṣe rí nìyí, lábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti àdúgbò rẹ̀:

"Ẹ kú àdúrótì wa o, ẹ̀yin oníbàárà wa.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Kejìlá 2026, àkókò tí a ó máa tajà nìyí:
Ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta: aago 8 àárọ̀ sí aago 8 alẹ́.
Ọjọ́ Àìkú: aago 1 ọ̀sán sí aago 7 alẹ́.
Ní ọjọ́ Ẹtì, a ń lọ kí Jímọ̀ láti aago 1 sí aago 2:30 ọ̀sán.
Bí ẹ bá fẹ́ kí a gé ẹja tàbí adìẹ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dé ní ààbọ̀ wákàtí ṣáájú àkókò títì.

Ní àsìkò ọdún:
Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù Kejìlá: a ó tà di aago 10 alẹ́.
Ẹtì, 25 àti Àbámẹ́ta, 26: a ò ní tà.
A ó ṣí padà ní ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kejìlá, aago 1 ọ̀sán.
Ọjọ́bọ̀, 31 oṣù Kejìlá: aago 6 ìrọ̀lẹ́ la ó tì.
Ẹtì, 1 oṣù Kìíní 2027: a ò ní tà.
A ó ṣí padà ní Àbámẹ́ta, 2 oṣù Kìíní, aago 8 àárọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ká bá òun gbé adìẹ ọdún sọ́tọ̀, kí ó sọ fún wa kó tó di ọjọ́ Àìkú, 20 oṣù Kejìlá. A ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọdún púpọ̀ pọ̀ o."

Ẹ ó kíyè sí i pé àkókò àtijọ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ ọ́ pé "dípò aago 7 sí 10 tí a ń lò tẹ́lẹ̀". Ẹni tó ń kọjá lọ lórí ọ̀kadà á fi ojú gán-án-ní nọ́ńbà àkọ́kọ́, á sì gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀. Ẹ ó tún rí i pé ìkíni kò ju ìlà kan lọ lókè àti ìlà kan nísàlẹ̀. Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí ènìyàn, ìwé tí kò bá sì kíni á le bí ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n ìkíni onílà mẹ́fà á ti aago sísàlẹ̀ pátápátá. Bí ó bá sì jẹ́ orí Wọ́sáàpù ni, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Kérésì rọrùn, torí pé ọjọ́ rẹ̀ kì í yí. Iṣẹ́ gidi wà nínú ọdún tí òṣùpá ń darí, Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá sì yàtọ̀ síra gidigidi nípa bí a ṣe lè kéde wọn. Oṣù àwọn Mùsùlùmí lè jẹ́ ọjọ́ 29 tàbí 30, bí wọ́n bá ṣe rí oṣù tuntun sí. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Sul-Híjà. Bí Sọ́ltáànì ìlú Sókótó bá ti kéde pé oṣù náà ti lé, ọjọ́ Iléyá ti hàn, ó sì tún ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó dé. Ní 2025, Ọjọ́rú, 28 oṣù Kárùn-ún ni oṣù náà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, Iléyá sì bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹfà. Onítajà tó bá dúró de ìkéde Sọ́ltáànì kó tó tẹ ìwé tirẹ̀ ṣì ní ọ̀sẹ̀ kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi tó àwọn oníbàárà létí.

Ìtúnu Ààwẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àyè yẹn, torí pé ọjọ́ kìíní oṣù ni. Alẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀ ni wọ́n ń wò ó, ọ̀la lè jẹ́ ọdún, ọ̀la sì lè jẹ́ ààwẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2024 fi í hàn kedere. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 àti Ọjọ́rú, 10 oṣù Kẹrin gẹ́gẹ́ bí ọlidé. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, 8, a ò rí oṣù. Ààwẹ̀ di ọgbọ̀n ọjọ́, ọdún wá bọ́ sí Ọjọ́rú, ìjọba sì tún fi Ọjọ́bọ̀, 11 kún ọlidé. Ṣọ́ọ̀bù tó ti lẹ ìwé pé Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú lòun ó tì, tí òun ó ṣí ní Ọjọ́bọ̀, ti fi ìsinmi ọjọ́ kan ṣòfò nínú ààwẹ̀ nígbà tí ọjà tà jù, ó sì tún ti ṣèlérí láti ṣí ní ọjọ́ kejì ọdún tí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù wà nílé àna wọn.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà méjì ni kí ẹ kọ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì parí ìkọ̀ọ̀kan dé ibi ìṣípadà. Ní 2024, ìwé náà ìbá rí báyìí: "Bí a bá rí oṣù ní alẹ́ Ajé, 8: a ò ní tà ní Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, a ó ṣí padà ní Ọjọ́bọ̀, 11, aago 8 àárọ̀. Bí a kò bá rí i: a ó tà ní Ìṣẹ́gun di aago 8 alẹ́, a ò ní tà ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, a ó ṣí padà ní ọjọ́ Ẹtì, 12, aago 8 àárọ̀." Ìlà méjì ni. Bí Sọ́ltáànì bá ti sọ̀rọ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀bù á mú bíró, á fa ìlà la èyí tí kò ṣẹ. Ìkọ̀wé tó kàn sọ pé "ó dọwọ́ bí a bá ṣe rí oṣù" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́; ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ló tún sọ.

Ọlidé ìjọba náà ní ìṣòro tirẹ̀. Bí Kérésì bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, ìjọba àpapọ̀ lè fi ọjọ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ní 2021, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Kérésì bọ́ sí, wọ́n sì fi Ajé, 27 àti Ìṣẹ́gun, 28 ṣe ọlidé. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù Kẹjọ, jẹ́ ọlidé ní àwọn ìpínlẹ̀ kan nílẹ̀ Yorùbá, kò sì jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà. Nítorí náà, ìkéde tó ní "a kì í tà lọ́jọ́ ọlidé" kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣọ́ọ̀bù tìrẹ kì í ṣe ilé iṣẹ́ ìjọba; dárúkọ ọjọ́ tí ìwọ máa tì.

Ibi tí ìkéde tó dára ti máa ń bàjẹ́ ni pé ìkéde àtijọ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ níbòmíràn. Ìyá ẹlẹ́ja wa lẹ ìwé tuntun mọ́ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n aago méje àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́ ṣì wà lára pátákó tí wọ́n kùn ní ẹ̀gbẹ́ títì, ó wà lórí máàpù Gúgù, ó sì wà nínú "Away message" tí Wọ́sáàpù ìtajà rẹ̀ ń fi dáhùn fúnra rẹ̀ bí ó bá sùn. Ẹni tó bá ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ á gba ìdáhùn pé ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní ṣíṣí. Ó yẹ kí ó tò gbogbo ibi tí àkókò rẹ̀ wà sórí bébà, kí ó sì yí gbogbo wọn ní ọjọ́ kan náà. Sítátọ́ọ̀sì Wọ́sáàpù kì í pé ju wákàtí 24 lọ, nítorí náà èyí tó gbé sókè ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kò sí mọ́ bí ọdún bá dé. Á tún un gbé ní 23, 24 àti 26.

Ẹnu ọmọ ṣọ́ọ̀bù ló sì ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ẹja ni kì í ka ohunkóhun lára ilẹ̀kùn, ti àwọn mìíràn ò sì mọ̀ ọ́n kà. Bí ó bá ń fún wọn ní ṣéńjì, kí ó máa sọ gbolóhùn kan: "Ìyá, a ò ní tà ní Ẹtì àti Sátidé o, ọjọ́ Sọ́ńdè aago kan la ó ṣí." Kí ìyá náà tún un sọ padà, kí ó tó gba náílọ́ọ̀nù ẹja rẹ̀.

Ní igun ìsàlẹ̀ ìwé náà, kí ó fi lẹ́tà kékeré kọ "Yọ ní 2/1/2027", kí ó sì sọ ẹni tí yóò yọ ọ́. Èyí tó gbọ́dọ̀ kù sára ilẹ̀kùn lẹ́yìn ọjọ́ náà ni àkókò tuntun nìkan, nínú ìwé mìíràn, pẹ̀lú ìlà Jímọ̀.